Bí a ṣe ń dá hóró padà sí ojú àpá bàìbàì tí ohun tí a yọ kúrò nínú fọ́tò fi sílẹ̀

Ẹni tó bá ti yọ nǹkan kúrò nínú fọ́tò rí yóò mọ àpá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Nǹkan náà ti lọ, àwọ̀ ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ti bá ti àyíká rẹ̀ mu, kò sì sí ìlà tó fi hàn pé wọ́n lẹ ohunkóhun mọ́ ọn. Síbẹ̀, ojú ẹni tó ń wo fọ́tò náà yóò máa padà síbẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ nu ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ń fa àpá yìí, lẹ́yìn náà kí n fi hàn bí a ṣe ń fi ìyàsọ́tọ̀ fíríkúẹ́ńsì tún un ṣe. Ọ̀nà yìí ni a fi ń pín fọ́tò kan ṣoṣo sí ìpele méjì, tí ìpele kan yóò máa gbé àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀, tí èkejì yóò sì máa gbé hóró ara nǹkan nìkan.

Fọ́tò tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ jẹ́ ti ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ tí wọn kò sì kùn. Fọ́tò náà fẹ̀ ní píksẹ́lì 6000, ó sì ga ní píksẹ́lì 4000. Àpótí mítà iná kan wà lára ògiri náà, òun àti òjìji rẹ̀ sì gba ibi tó fẹ̀ ní nǹkan bí píksẹ́lì 620 tó sì ga ní 480. Ìmọ́lẹ̀ ń wá láti apá òsì, ògiri náà sì ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀ bí ó ṣe ń lọ sí apá ọ̀tún. Clone Stamp, ìyẹn búrọ́ọ̀ṣì tó ń gbé ẹ̀dà ibì kan nínú fọ́tò lé orí ibòmíràn, tí etí rẹ̀ rọ̀, tí Opacity rẹ̀ sì wà ní 50%, ni mo fi yọ àpótí náà nínú Photoshop, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ léraléra títí àwọ̀ fi jọra. Nígbà tí mo jókòó sẹ́yìn, ó dára lójú mi. Nígbà tí mo wò ó ní 100%, ojú àpá náà dà bí ike láàárín ògiri háráhárá.

Ohun tó pa hóró rẹ́

Ẹ jẹ́ kí a mú píksẹ́lì méjì péré lára ògiri yìí. Ká ní ìmọ́lẹ̀ àdúgbò wọn jẹ́ 140 lórí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 255. Píksẹ́lì àkọ́kọ́ jẹ́ 150, nítorí pé orí hóró iyanrìn kan tí ìmọ́lẹ̀ bà ló wà. Èkejì jẹ́ 131, nítorí pé inú kòtò kékeré tó wà lẹ́yìn hóró náà ló bọ́ sí. Ohun tí ojú wa ń rí tó fi ń sọ pé ògiri kò dán kò ju pé ọ̀kan fi 10 ga ju àdúgbò rẹ̀ lọ tí èkejì sì fi 9 rẹlẹ̀ sí i.

Búrọ́ọ̀ṣì tí Opacity rẹ̀ jẹ́ 50% kì í fi hóró tuntun rọ́pò ti àtijọ́. Ńṣe ló ń ro méjèèjì pọ̀ tó sì ń pín wọn sí méjì. Bí 150 bá pàdé 131, ohun tí yóò kù nílẹ̀ jẹ́ 140 àti àbọ̀, ìyẹn ni pé orí hóró bá kòtò pàdé, wọ́n sì pa ara wọn rẹ́. Lóòótọ́, nígbà mìíràn orí hóró a máa bá orí hóró pàdé, nítorí náà ìparẹ́ náà kì í pé tán lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí hóró ibi méjì kò bá tan mọ́ ara wọn, tí a sì dà wọ́n pọ̀ lọ́gbọọgba, agbára hóró yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá 71 nínú 100. Bí a bá da ti ibi mẹ́rin pọ̀ lọ́gbọọgba, yóò di ìdajì. Bí a bá ṣe ń tẹ búrọ́ọ̀ṣì náà síbì kan náà lọ́pọ̀ ìgbà láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ ni hóró ń tán lọ. Àwọ̀ kò yí padà ní gbogbo àkókò yìí, nítorí pé àárín iye náà ṣì wà ní 140, èyí ló sì fà á tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í fi tètè mọ̀ pé òun ń ba nǹkan jẹ́.

Etí búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ń ṣe irú ìdàpọ̀ kan náà ní ẹ̀gbẹ́ gbogbo ibi tí a bá tẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyí àwòrán po tàbí fífẹ̀ ẹ́: bí a bá gé ibi kan lára ògiri, tí a yí i tàbí tí a fẹ̀ ẹ́ kí ó lè bá ihò náà mu, kọ̀ǹpútà ní láti ṣírò píksẹ́lì tuntun láti ara àwọn tó wà láyìíká rẹ̀, ìṣirò náà sì máa ń rọ hóró. Content-Aware Fill pàápàá lè ṣe èyí nígbà tí a bá gbà á láyè láti yí orísun po pẹ̀lú Rotation Adaptation tàbí láti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà pẹ̀lú Scale.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, ẹ rí i dájú pé hóró nìkan ló sọnù. Bí ó bá jẹ́ pé ìlà àárín bíríkì ló já, tàbí igun fèrèsé ló tẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tún ìyẹn ṣe lórí fọ́tò gan-an, nítorí pé ìyàsọ́tọ̀ fíríkúẹ́ńsì kì í to ohun tó wó. Ibi tí ìrísí àti àwọ̀ ti wà ní ipò wọn tí ara rẹ̀ sì dán ju àyíká rẹ̀ lọ ni iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Bí a ṣe ń pín fọ́tò sí méjì

Ẹ ṣí ẹ̀dà fọ́tò náà, kí ẹ lọ sí Image > Mode, kí ẹ sì yan 16 Bits/Channel. Ìdí ni pé a óò pín ìyàtọ̀ píksẹ́lì sí méjì, bí 8 Bits/Channel bá sì ni a lò, àbọ̀ tó bá ṣẹ́kù yóò sọnù. Bí ìpele púpọ̀ bá ti wà lórí iṣẹ́ yín, ẹ tẹ Ctrl+Shift+Alt+E lórí èyí tó wà lókè pátápátá kí gbogbo wọn lè para pọ̀ di ìpele tuntun kan láìpa àwọn ti ìsàlẹ̀ run. Bí ó bá jẹ́ ìpele kan ṣoṣo ló wà, ẹ kọ́kọ́ tẹ Ctrl+J lẹ́ẹ̀kan kí fọ́tò àtijọ́ lè dúró nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ Ctrl+J kí ìpele méjì lè dúró lé ara wọn lórí rẹ̀, méjì tí kò yàtọ̀ síra rárá. Nínú méjì yìí, ẹ pe ti ìsàlẹ̀ ní Àwọ̀, kí ẹ pe ti òkè ní Hóró.

Ẹ ti ojú Hóró pa, kí ẹ yan Àwọ̀, kí ẹ sì lọ sí Filter > Blur > Gaussian Blur. Èyí ló ń sọ Àwọ̀ di bàìbàì, ibí yìí sì ni iṣẹ́ náà ti ń yọrí sí rere tàbí ti ń bàjẹ́, nítorí pé iye tí ẹ bá fi sí Radius ni yóò pinnu ohun tí yóò jẹ́ hóró àti ohun tí yóò jẹ́ àwọ̀. Kò sí iye kan tó bá gbogbo fọ́tò mu. Ohun tó yẹ ní wíwò ni bí hóró náà ṣe fẹ̀ tó ní píksẹ́lì. Lára ògiri mi, nígbà tí mo sún mọ́ ọn débi pé mo lè ka píksẹ́lì, hóró kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 5 sí 7. Mo gbìyànjú 3, mo sì ṣì ń rí hóró lórí Àwọ̀ bí ẹni ń wo nǹkan láti ẹ̀yìn aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo gbé e lọ sí 25, gbogbo hóró lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ju hóró lọ pẹ̀lú bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sí ìpele kejì, níbi tí a kò fẹ́ kí ó wà. Mo dá a padà sí 9. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé ni pé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí n máa gòkè díẹ̀díẹ̀, kí n sì dúró níbi àkọ́kọ́ tí hóró ti pòórá.

Nísinsìnyí, ẹ ṣí ojú Hóró padà, kí ẹ yàn án, kí ẹ lọ sí Image > Apply Image, kí ẹ sì fi àwọn wọ̀nyí síbẹ̀:

```
Layer: Àwọ̀
Channel: RGB
Invert: ✓
Blending: Add
Scale: 2
Offset: 0
```

Bí fọ́tò yín bá jẹ́ 8 Bits/Channel tí ẹ kò sì lè yí i padà, ẹ má fi àmì sí Invert. Ẹ yan Subtract fún Blending, kí Scale jẹ́ 2, kí Offset sì jẹ́ 128. Ìpele náà yóò di eérú, pẹ̀lú hóró wẹ́wẹ́ lára rẹ̀. Ẹ yí ọ̀nà ìdàpọ̀ rẹ̀ láti Normal sí Linear Light, fọ́tò yóò sì padà bí ó ṣe wà.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Píksẹ́lì wa tó jẹ́ 150 ti di nǹkan bí 140 lórí Àwọ̀ tí a ti sọ di bàìbàì. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 10. Hóró mú ìdajì rẹ̀, ìyẹn 5, ó sì fi kún 128 tó jẹ́ eérú àárín, ó di 133. Nígbà tí Linear Light bá ń kà á, yóò wo bí ó ṣe jìnnà sí eérú àárín tó, yóò sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, yóò sì fi kún 140. 150 wa sì padà wá. Èyí túmọ̀ sí pé ibikíbi tí Hóró bá ti jẹ́ eérú àárín gan-an, kò fi ohunkóhun kún Àwọ̀. Ẹ kó ìpele méjèèjì sínú ẹgbẹ́ kan pẹ̀lú Ctrl+G, kí ẹ sì máa ti ojú ẹgbẹ́ náà kí ẹ tún máa ṣí i. Bí fọ́tò bá yí padà lójú yín rárá, ẹ pa ìpele méjèèjì rẹ́ kí ẹ tún un ṣe, nítorí pé ìpele mìíràn ni ẹ yàn nínú Apply Image tàbí pé ẹ gbàgbé Invert.

Ẹni tó ń lo GIMP yóò gbé ìpele tí a sọ di bàìbàì lé orí fọ́tò, yóò fi ọ̀nà ìdàpọ̀ Grain extract sí i, yóò lọ sí Layer > New from Visible kí ó lè rí Hóró, yóò wá fi Grain merge sí Hóró náà, yóò sì dá ìpele tí a sọ di bàìbàì padà sí Normal.

Wíwo àpá náà lójú

Ẹ di Alt mú, kí ẹ tẹ àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hóró, kí ó lè jẹ́ òun nìkan ni ẹ ó máa rí. Àsìkò yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí pé ohun tí ojú kàn ń fura sí tẹ́lẹ̀ yóò hàn kedere: gbogbo ògiri kún fún hóró, àfi ibi tí àpótí náà wà tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ eérú lásán bí omi tí atẹ́gùn kò fẹ́ sí. Kì í ṣe àárín rẹ̀ nìkan. Ẹ ó rí i pé etí rẹ̀ kò gún, pé hóró ń rọ díẹ̀díẹ̀ kí ó tó tán, ibi rírọ̀ náà sì fẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ. Ẹ rántí etí yìí dáadáa, nítorí pé òun náà wà lára ibi tí a óò tún ṣe.

Bí ẹ bá fẹ́ iye tí ẹ lè gbára lé, ẹ ṣí Window > Histogram, kí ẹ yan Expanded View, kí ẹ sì fi Selected Layer sí Source. Ẹ fi Marquee yan ibì kan lára ògiri tó dára, kí ẹ ka Std Dev, tó ń sọ bí àwọn píksẹ́lì ṣe jìnnà sí àárín wọn tó. Lẹ́yìn náà ẹ yan ojú àpá, kí ẹ tún kà á. Ti ògiri mi jẹ́ 3.1, ti àpá sì jẹ́ 0.9. Ibi tí à ń lọ kò ju kí 0.9 yìí sún mọ́ 3.1 lọ.

Àtúnṣe náà

Ẹ kọ́kọ́ bójú tó Àwọ̀. Ẹ yàn án, kí ẹ sì wò ó lóun nìkan. Tèmi ní ibi méjì tó ṣókùnkùn díẹ̀, níbi tí òjìji àpótí kò tíì lọ tán. Mo yí wọn ká pẹ̀lú Lasso tí Feather rẹ̀ jẹ́ 30, mo sì lo Gaussian Blur ní 35 nínú ibi tí mo yàn nìkan, ìmọ́lẹ̀ tó wà láyìíká sì ṣàn wọ inú rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn tàbí ohun mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ bá wà nítòsí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ inú ibi tí ẹ yàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọ̀ rẹ̀ yóò tú sára ògiri.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá sórí Hóró. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kan fún ìpamọ́, ṣùgbọ́n kí ẹ ti ojú ẹ̀dà náà pa, nítorí pé bí méjèèjì bá hàn pọ̀, agbára hóró yóò di ìlọ́po méjì lórí gbogbo fọ́tò. Ẹ mú Clone Stamp, kí ẹ fi Opacity àti Flow sí 100%, kí Hardness má dín sí 90%, kí Sample sì jẹ́ Current Layer. Búrọ́ọ̀ṣì tèmi tóbi tó píksẹ́lì 150.

Etí mímú yìí lè dẹ́rù ba ẹni tí wọ́n ti kọ́ pé etí rírọ̀ ló ń fi iṣẹ́ pamọ́. Lórí fọ́tò gan-an, òótọ́ ni, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ ibi tí a ti mú hóró bá fi 8 yàtọ̀ sí ibi tí à ń gbé e lọ, etí mímú yóò hàn bí etí bébà tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n kò sí ìmọ́lẹ̀ ògiri lórí Hóró mọ́. Yálà apá òsì tó mọ́lẹ̀ tàbí apá ọ̀tún tó ṣókùnkùn, àárín iye rẹ̀ jẹ́ eérú kan náà, etí tí a gé síbẹ̀ kò sì ní ohun tí yóò fi hàn, ju pé ó gba àárín hóró díẹ̀ kọjá lọ. Nítorí náà a lè gbé hóró lódindi, láìdà á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹni tó bá padà lo etí rírọ̀ tàbí Opacity 50% níbí yóò tún pa hóró náà rẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní àkọ́kọ́.

Ibi tí a ti ń mú hóró ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ mú un láti ibi tí ó jìnnà sí kámẹ́rà bákan náà pẹ̀lú ojú àpá, nítorí pé hóró ibi tó súnmọ́ tóbi, ti ibi tó jìnnà kéré, ti ibi tí lẹ́ńsì kò sì rí dáadáa rọ̀. Ẹ má ṣe yí i po. Ìmọ́lẹ̀ mi wá láti òsì, gbogbo hóró ló sì ní ẹ̀gbẹ́ òsì tó mọ́lẹ̀ àti òjìji tíńtín ní ọ̀tún. Bí mo bá dojú rẹ̀ kọ apá kejì, kòtò yóò dà bí òkè. Ibi mẹ́rin ni mo ti mú hóró, kí àmì kan má bàa farahàn lẹ́ẹ̀mejì nítòsí ara wọn, mo sì bo ibi rírọ̀ tó wà ní etí àpá náà títí dé ibi tí hóró ògiri ti lágbára. Nígbà tí mo ka Std Dev, ó ti di 3.0.

Ohun tó ṣì lè ṣẹlẹ̀

Bí ibi tí ẹ tẹ̀ bá mọ́lẹ̀ kọjá ààlà tàbí tí àwọ̀ ògiri hàn lórí eérú, Sample ti wà ní All Layers. Ẹ dá a padà sí Current Layer, kí ẹ sì pa ohun tí ẹ ṣe rẹ́. Bí ìlà funfun tàbí dúdú bá yọ lára ògiri, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti mú hóró nítòsí etí ohun tó yàtọ̀ púpọ̀, bí etí ilẹ̀kùn dúdú. Gaussian Blur máa ń tú àwọ̀ ilẹ̀kùn sára ògiri lórí Àwọ̀, Hóró sì máa ń gbé òdìkejì rẹ̀ láti dí i. Bí a bá gbé òdìkejì yẹn lọ síbòmíràn, kò ní rí ohun tí yóò dí mọ́. Mo máa ń jìnnà sí irú etí bẹ́ẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta Radius, ìyẹn píksẹ́lì 27 lórí fọ́tò yìí.

Èyí tó gba àkókò mi jù ni pé lẹ́yìn tí hóró ti pé, ibẹ̀ ṣì dà bí ìwé tí wọ́n fi ń ha igi. Hóró wà, ṣùgbọ́n kò rí bí ògiri tí ọwọ́ ènìyàn rẹ́. Mo pẹ́ kí n tó rí i pé ipa irin tí wọ́n fi rẹ́ sìmẹ́ǹtì náà, tó fẹ̀ tó píksẹ́lì 40 sí 60, kò sí níbẹ̀. Ohun tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè wà lórí Hóró nígbà tí Radius jẹ́ 9. Inú Àwọ̀ ló wà, èmi fúnra mi ni mo sì ti fi Clone Stamp àti Gaussian Blur nù ún kúrò. Mo padà sórí Àwọ̀, mo mú Clone Stamp tí etí rẹ̀ rọ̀, mo sì gbé ipa irin méjì láti ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti àpá. Etí rírọ̀ kò ní hóró tí yóò pa lórí ìpele yẹn, nítorí náà kò léwu níbẹ̀.

Láti yẹ iṣẹ́ náà wò, ẹ fi ìpele Curves sókè pátápátá, kí ẹ fà á kí ó ga gan-an, kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ lè le ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ wo fọ́tò náà ní 100% àti ní 50%. Ní 100%, ibi tó ṣì ń dán ni ẹ ń wá. Ní 50%, ibi tí àwọ̀ kò dọ́gba. Lórí ògiri mi, igun kan ṣoṣo ló kù ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, mo tún un ṣe lórí Àwọ̀, mo sì pa ìpele Curves náà rẹ́ kí n tó fi fọ́tò náà pamọ́.